Ilẹ̀ Rírọ̀ Lábẹ́ Iye Wúrà: Ìtàn Owó Ìmúdúró Ibi Ìwakùsà

Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹfà ọdún 2013, Ìgbìmọ̀ Wúrà Àgbáyé, ẹgbẹ́ tí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá tó ń wa wúrà dá sílẹ̀, gbé ìlànà tuntun jáde lórí bí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ṣe lè máa ṣírò iye tí áúnsì wúrà kan ń ná wọn. Lọ́jọ́ kejì, wúrà já wálẹ̀ dé nǹkan bí 1,180 dọ́là lórí áúnsì kan, bẹ́ẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2011 ó ti kọjá 1,900. Kò sí ẹni tó ṣètò pé kí méjèèjì bọ́ sí ọ̀sẹ̀ kan náà. Àmọ́ láti ìgbà náà ni àwọn oníṣòwò wúrà ti ń fi ìṣirò tuntun yẹn béèrè ìbéèrè àtijọ́ kan: ṣé iye tó ń ná awakùsà láti mú wúrà jáde kò ní dá wúrà dúró níbì kan, kó má lè já wálẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Ohun tí ìtàn fi hàn ni pé ilẹ̀ kan wà lábẹ́ iye wúrà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà rọ̀, ó sì máa ń ṣí kúrò níbi tí a fojú sí i. Iye wúrà lè rì sínú rẹ̀ fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta kó tó rí ibi dúró lé.

Kí ìlànà ọdún 2013 tó dé, ìṣirò tí gbogbo ayé ń lò ni èyí tí àjọ kan tí wọ́n ń pè ní Gold Institute, tó fìdí kalẹ̀ sí Washington, fi lélẹ̀ ní ọdún 1996. Owó ojú iṣẹ́ nìkan ni ó kà: owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, epo dísẹ́ẹ̀lì, iná mànàmáná, sáyánáìdì tí wọ́n fi ń yọ wúrà kúrò lára òkúta, àti irú ìnáwó bẹ́ẹ̀. Kò ka owó tí wọ́n fi ra ọkọ̀ tuntun dípò èyí tó ti gbó. Kò ka owó ilé iṣẹ́ àgbà, kò ka owó tí wọ́n fi wá òkúta wúrà tuntun dípò èyí tí wọ́n ti wà tán, bẹ́ẹ̀ ni kò ka owó gbígbẹ́ ihò jìn sí i lábẹ́lẹ̀.

Èyí bí àṣírí kan tí kò ṣeé bò mọ́ ní ọdún 2012. Ní ọdún náà, owó ojú iṣẹ́ tí Barrick, ilé iṣẹ́ Kánádà tó tóbi jù nínú àwọn tó ń wa wúrà nígbà náà, kéde kò tó 600 dọ́là lórí áúnsì kan. Iye wúrà lọ́jà, tí a bá pín in dọ́gba jálẹ̀ ọdún náà, jẹ́ 1,669 dọ́là. Lórí ìwé, èrè tó lé ní 1,000 dọ́là ló yẹ kó wà lórí áúnsì kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀ àdánù ni Barrick fi parí ọdún náà. Àwọn onípìn-ín bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ibi tí owó wọlé sí. Àwọn ìjọba orílẹ̀-èdè tí wúrà ń ti ilẹ̀ wọn jáde náà rí àlàfo ńlá yẹn, wọ́n ní kí àwọn awakùsà mú owó orí àti owó ìsákọ́lẹ̀ pọ̀ sí i. Ìṣirò tí wọ́n ṣe láti fi yangàn ti di ohun tó ń bù wọ́n jẹ. Gold Fields ti Gúúsù Áfíríkà ti ń lo ìṣirò tirẹ̀ tó gbòòrò jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ọdún mélòó kan, kí ìgbìmọ̀ náà tó mú kí gbogbo wọn sọ èdè kan.

Ohun tí wọ́n fohùn ṣọ̀kan lé lórí ni àpapọ̀ owó ìmúdúró: gbogbo owó tí ibi ìwakùsà kan ní láti ná kí áúnsì wúrà tó ń jáde lọ́dún yìí lè máa jáde lọ́dún tó ń bọ̀. Owó ojú iṣẹ́ wà nínú rẹ̀, owó ìsákọ́lẹ̀ wà níbẹ̀, owó ilé iṣẹ́ àgbà wà níbẹ̀, owó ìrọ́pò ẹ̀rọ, owó kíkó yẹ̀pẹ̀ kúrò lórí òkúta wúrà, owó wíwá òkúta ní àyíká ibi ìwakùsà náà, àti owó tí wọ́n ń yà sọ́tọ̀ láti tún ilẹ̀ ṣe lẹ́yìn iṣẹ́. Owó orí lórí èrè, èlé gbèsè àti owó tí wọ́n fi kọ́ ibi ìwakùsà tuntun ni kò sí nínú rẹ̀. Bí irin mìíràn, pàápàá bàbà, bá ń bá wúrà jáde, owó tí wọ́n rí lórí rẹ̀ ni wọ́n máa yọ kúrò nínú ìnáwó. Ìdí nìyẹn tí ibi ìwakùsà Cadia ní Ọsirélíà fi lè kéde owó ìmúdúró tó kéré sí òdo ní àwọn ọdún tí bàbà wọ́n lọ́jà. Ẹni tó bá fi irú ibi bẹ́ẹ̀ ṣe ìwọ̀n ìsàlẹ̀ iye wúrà ti ṣìnà, nítorí iye bàbà ni ó ń kà láìmọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ibi ìwakùsà kan tí a fi ọkàn dá, ká rí bí ìṣirò náà ṣe ń rìn. Ó ń lọ mílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù òkúta lọ́dún. Gíráàmù méjì wúrà ló wà nínú tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan, ilé ìlọ̀kúta sì ń rí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún yọ. Èyí fún wa ní 1,800,000 gíráàmù, ìyẹn nǹkan bí 57,900 áúnsì. Ká ní owó ojú iṣẹ́ jẹ́ 50 mílíọ̀nù dọ́là, kí gbogbo ìnáwó ìmúdúró yòókù jẹ́ mílíọ̀nù 15. Mílíọ̀nù 65 tí a bá pín fún áúnsì wọ̀nyẹn á jẹ́ nǹkan bí 1,123 dọ́là lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Wàyí o, kí iye wúrà já sí 1,050. Ẹni tó ń wo ìwé láti òkèèrè á ní ibi ìwakùsà yìí á tì pa, wúrà á dín lọ́jà, iye rẹ̀ á sì gòkè. Ohun tí ọ̀gá ibi ìwakùsà náà máa ṣe yàtọ̀ sí èyí. Á kọ́kọ́ pa òkúta tí wúrà inú rẹ̀ kéré tì, á darí àwọn òṣìṣẹ́ sí apá tí wúrà ti pọ̀. Bí gíráàmù méjì bá di méjì ààbọ̀ nínú tọ́ọ̀nù kan, owó kan náà, òkúta kan náà, á mú nǹkan bí 72,300 áúnsì jáde. Owó ìmúdúró á wá sílẹ̀ sí bíi 899 dọ́là. Bí ó bá tún sún ríra ọkọ̀ tuntun àti wíwá òkúta síwájú, tó fi mílíọ̀nù márùn-ún pamọ́, á tún wálẹ̀ sí 829. Ibi ìwakùsà tó yẹ kó tì wá ń pa èrè. Èyí tó burú jù fún iye wúrà ni pé wúrà tó ń kó wá sọ́jà ti pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Kì í ṣe idán ni wọ́n pa. Òkúta tó dára tí wọ́n yára wà yìí ni wọn ì bá fi pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ọkọ̀ tí wọn kò rọ́pò á sì bàjẹ́ lọ́jọ́ kan. Wọ́n ń jẹ owó ọjọ́ iwájú ni. Ohun tó yẹ kí onípìn-ín wò nìyẹn bí owó ìmúdúró bá já wálẹ̀ lójijì: ṣé ìwọ̀n wúrà inú tọ́ọ̀nù òkúta ga ju ìwọ̀n tó wà nínú àkọsílẹ̀ ohun tó kù lábẹ́ ilẹ̀ lọ? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún ọdún mélòó kan, ibi ìwakùsà náà ń gé ọjọ́ ayé rẹ̀ kúrú.

Ìdí kejì tí ilẹ̀ náà fi rọ̀ wà lára wúrà fúnra rẹ̀. Iṣu tí a bá jẹ lónìí ti tán nínú abà, nítorí náà bí àgbẹ̀ bá dín iṣu tó gbìn kù, ọjà á mọ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Wúrà kò rí bẹ́ẹ̀. Wúrà tí ènìyàn ti wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀ lé ní 200,000 tọ́ọ̀nù, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì ṣì wà: lọ́rùn obìnrin, nínú àpótí báńkì, nínú ilé ìṣura ìjọba. Èyí tí gbogbo ibi ìwakùsà ayé ń mú jáde lọ́dún kò ju nǹkan bí 3,600 tọ́ọ̀nù lọ, kò tó ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó ti wà nílẹ̀. Bí gbogbo awakùsà bá dáwọ́ dúró fún oṣù mẹ́fà, ẹni tó fẹ́ ra wúrà á ṣì rí i rà lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ tà. Nítorí náà owó ìmúdúró kò lè gbé iye wúrà dúró lọ́sẹ̀ tó já. Ó ní láti gba ọ̀nà gígùn.

Ìgbà tí a rí ọ̀nà gígùn yìí dáadáa ni òpin ọ̀rúndún tó kọjá. Ní ọjọ́ 7 oṣù karùn-ún ọdún 1999, ìjọba Bìrìtìkó kéde pé àwọn fẹ́ ta èyí tó ju ìdajì wúrà àwọn lọ. Nǹkan bí 395 tọ́ọ̀nù ni Báńkì Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tà títí di ọdún 2002. Ní oṣù keje ọdún 1999 náà, wúrà bọ́ sí nǹkan bí 253 dọ́là. Iye yẹn kò kún gbogbo ohun tí ọ̀pọ̀ ibi ìwakùsà ń ná, síbẹ̀ wọn kò dáwọ́ dúró, nítorí wọ́n ti ta wúrà wọn sílẹ̀ kó tó jáde. Awakùsà á bá báńkì ṣe àdéhùn iye fún wúrà ọdún tó ń bọ̀. Báńkì á yá wúrà lọ́wọ́ báńkì àpapọ̀ orílẹ̀-èdè kan, á tà á lọ́jà lójú ẹsẹ̀. Wúrà tí kò tíì kúrò lábẹ́ ilẹ̀ tipa bẹ́ẹ̀ dé ọjà, ó ń ti iye wálẹ̀, nígbà tí ẹni tó tà á ń gba iye tó ga ju ti ọjà lọ. Ní ìparí ọdún 1990 sí 1999, irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ káàkiri ayé tó nǹkan bí 3,000 tọ́ọ̀nù.

Ọgbọ́n yìí fẹ́ẹ̀ pa Ashanti Goldfields ti Gánà. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án ọdún 1999, báńkì àpapọ̀ 15 ní Yúróòpù kéde ní Washington pé àwọn kò ní ta ju 400 tọ́ọ̀nù lọ lọ́dún fún ọdún márùn-ún. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, wúrà fò kọjá 320 dọ́là. Ó yẹ kí awakùsà yọ̀. Ṣùgbọ́n Ashanti ti ta wúrà púpọ̀ sílẹ̀ ní iye tó kéré sí èyí, àwọn báńkì sì ní kó mú nǹkan bí 270 mílíọ̀nù dọ́là wá gẹ́gẹ́ bí ìdógò. Kò ní i. Ó di kí ó máa bẹ àwọn olówó rẹ̀, òmìnira rẹ̀ kò sì pé mọ́: ní ọdún 2004 ó dàpọ̀ mọ́ AngloGold ti Gúúsù Áfíríkà.

Níbòmíràn, ilẹ̀ rírọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2000, ilé iṣẹ́ Homestake kéde pé òun máa ti ibi ìwakùsà òun ní Lead, ní ìpínlẹ̀ South Dakota ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ti ń wà láti nǹkan bí ọdún 1876. Kì í ṣe pé wúrà tán níbẹ̀. Ihò ti jìn jù, iye ọjà kò sì kó owó rẹ̀. Èyí tó ṣe pàtàkì ju títì lọ ni ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí: owó tí àwọn ilé iṣẹ́ kò ná láti wá òkúta tuntun ní àwọn ọdún yẹn. Láti ìgbà tí wọ́n bá rí òkúta wúrà dé ìgbà tí wúrà á jáde máa ń gbà tó ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, wúrà tí ayé ń wà lọ́dún, tó jẹ́ nǹkan bí 2,600 tọ́ọ̀nù ní 2001, ń dín kù títí ó fi súnmọ́ 2,400 ní 2008, bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún wọ̀nyẹn iye wúrà ti di ìlọ́po mẹ́ta. Kì í ṣe àìtó wúrà nìkan ló gbé iye yẹn sókè. Dọ́là tó rẹ̀ àti ìbẹ̀rù ní ọjà owó wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àmọ́ nígbà tí àwọn olùrà dé, kò sí ibi ìwakùsà tuntun tó lè sáré pàdé wọn.

Pẹ̀lú ìtàn yìí lọ́wọ́ ni ká fi padà sí ọdún 2013. Àwọn kan wà nígbà náà tó ń sọ pé 1,200 dọ́là ni ìsàlẹ̀, torí pé nǹkan bí iye tí ìṣirò tuntun fi hàn fún ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ nìyẹn. Àṣìṣe ńlá ni. Ní ìparí ọdún 2015, wúrà ti dé nǹkan bí 1,050, wúrà tí àwọn awakùsà ń mú jáde sì ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún. Barrick jẹ́ ká rí bí èyí ṣe ṣeé ṣe. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2013 ó dá iṣẹ́ Pascua-Lama, ní ààlà Ṣílè àti Ajẹntínà, dúró. Ó kéde àdánù tó lé ní bílíọ̀nù 10 dọ́là fún ọdún náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta àwọn ibi ìwakùsà tó ń gbówó jù. Owó ìmúdúró rẹ̀ tó jẹ́ 915 dọ́là ní 2013 di 864 ní 2014, 831 ní 2015, àti 730 ní 2016.

Kì í ṣe ọgbọ́n ọ̀gá ilé iṣẹ́ nìkan ló fa èyí. Epo rọ̀bì tó ju 100 dọ́là lọ lórí àgbá kan ní àárín ọdún 2014 kò tó 40 mọ́ ní oṣù kejìlá ọdún 2015, epo sì ni àwọn ọkọ̀ kùsà ń mu. Owó àwọn orílẹ̀-èdè tó ń wa wúrà náà já. Ráńdì bí mẹ́jọ ààbọ̀ ló tó dọ́là kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2013. Kí ọdún 2015 tó parí, ó ti di bíi márùndínlógún. Owó oṣù tí awakùsà kan ń gbà ní Johannesburg kò dín kù ní ráńdì, àmọ́ nínú ìwé tí wọ́n fi dọ́là kọ, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìdajì. Bí iye wúrà ṣe ń wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ilẹ̀ tó yẹ kó gbà á dúró ń wálẹ̀.

Síbẹ̀ àwọn kan rì pátápátá, Obuasi ní Gánà sì ni mo máa ń tọ́ka sí fún ẹni tó bá ní ilẹ̀ náà kò sí rárá. Láti ọdún 1897 ni ilé iṣẹ́ ti ń wa wúrà níbẹ̀. Ní ọdún 2014, owó tí áúnsì kan ń ná ní Obuasi ti ga ju iye tí wọ́n lè tà á lọ fún ìgbà pípẹ́, AngloGold Ashanti sì dá iṣẹ́ dúró níparí ọdún náà, ó dá ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ padà sílé. Títì pàápàá ń gbówó. Omi abẹ́lẹ̀ ní láti máa jáde, ẹ̀ṣọ́ ní láti dúró. Ní 2016 àwọn awakùsà aláìníwèé ìyọ̀ǹda ya wọ inú ọgbà náà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá fi máa ń fara da àdánù fún ọdún kan tàbí méjì kó tó ti ilẹ̀kùn. Ní 2018 ni wọ́n tó pinnu láti tún un ṣe, oṣù kejìlá ọdún 2019 sì ni wúrà tó tún jáde níbẹ̀. Fún nǹkan bí ọdún márùn-ún, wúrà Obuasi kò fi bẹ́ẹ̀ dé ọjà. Bí ìsàlẹ̀ iye wúrà ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn: ibi tó gbówó jù lọ ló ń kọ́kọ́ kúrò. Nítorí náà, ìwọ̀n ìdọ́gba gbogbo ayé kọ́ ló yẹ kí a fi wá ìsàlẹ̀ náà. Owó ìdá kan nínú mẹ́wàá àwọn ibi ìwakùsà, èyí tó gbówó jù, ni iye wúrà máa ń kọ́kọ́ kàn, bí ó bá sì ti kàn án, ó tún lè kọjá rẹ̀.

Ní ọ̀nà kejì, bí iye wúrà bá gòkè, ilẹ̀ náà á tẹ̀ lé e. Láàárín oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ìwọ̀n ìdọ́gba owó ìmúdúró káàkiri ayé dé 1,456 dọ́là, èyí tó ga jù tí wọ́n tíì kọ sílẹ̀ títí di ìgbà náà, nígbà tí ìwọ̀n ìdọ́gba iye ọjà jẹ́ 2,474. Owó oṣù àti owó ẹ̀rọ ti wọ́n. Owó ìsákọ́lẹ̀ máa ń pọ̀ fúnra rẹ̀ bí wúrà bá wọ́n, torí pé ìdá kan nínú iye tí wọ́n tà á ni. Òkúta tí wọ́n ń kọ̀ sílẹ̀ ní 1,050 dọ́là ti di ohun tí wọ́n ń gbé lọ sílé ìlọ̀kúta, torí pé gíráàmù kan péré nínú rẹ̀ ti ń pa èrè.

Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà náà ti wọ inú ìtàn yìí. Láti oṣù keje ọdún 2021 ni Thor Explorations ti ń mú wúrà jáde ní Segilola, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tó sì ń kéde owó ìmúdúró rẹ̀ bíi ti àwọn yòókù. Ẹni tó bá ń ka irú ìkéde bẹ́ẹ̀ láti ilẹ̀ wa gbọ́dọ̀ rántí ráńdì ọdún 2015. Náírà tó jẹ́ nǹkan bí 460 sí dọ́là kan ṣáájú oṣù kẹfà ọdún 2023 ti kọjá 1,500 kó tó pé ọdún méjì. Gbogbo ohun tí awakùsà kan bá fi náírà san ní Nàìjíríà ti kéré gan-an nínú ìwé rẹ̀ tí ó fi dọ́là kọ. Owó ìmúdúró tó wálẹ̀ lọ́nà yẹn kò sọ pé iṣẹ́ ti dára sí i. Nígbà mìíràn, ó kàn ń sọ pé ọjà ti le fún ẹni tó ń gba náírà ni.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, wúrà kọjá 4,000 dọ́là fún ìgbà àkọ́kọ́. Ìwọ̀n ìdọ́gba owó ìmúdúró kò tó ìdajì iye yẹn. Bí iye wúrà bá já sí ìdajì lọ́la, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ibi ìwakùsà ayé á ṣì máa pa èrè, kò sì sí awakùsà kan tí á torí rẹ̀ dín òkúta tó ń lọ̀ kù lọ́sẹ̀ náà.